Ìtọ́kasí tó dà rú mọ́ra: ọ̀nà mẹ́rin láti sọ ọ́ di ìlànà kan ṣoṣo, àti ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá mu

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé pọ́rọ́jẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá bá mi ní Ọ́ńdà-Jíì, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún iṣẹ́ wọn tò. Iṣẹ́ náà dá lórí bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe gba àwọn tí ogun lé kúrò ní agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé, iṣẹ́ tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ìtọ́kasí 58 ni mo bá níbẹ̀, ìlànà mẹ́rin ló sì dà pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ní nọ́ńbà níwájú. Àwọn kan kọ orúkọ òǹkọ̀wé ní kíkún, àwọn mìíràn fi lẹ́tà kan ṣoṣo dúró fún un. Ọdún wà lẹ́yìn orúkọ níbì kan, ó wà ní ìparí níbòmíràn. Kò yà mí lẹ́nu, torí ibi tó ti rí ìwé kọ̀ọ̀kan ló ti da ìtọ́kasí rẹ̀ kọ bó ṣe wà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, alábòójútó mi ní kí gbogbo rẹ̀ di ìlànà APA ẹ̀dà keje kó tó di Jímọ̀. Ṣé kò sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo rẹ̀ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà?"

Kò sí. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo mọ̀ tí àwọn èèyàn ń gbà, mo sì ti gba gbogbo wọn rí, fún ara mi tàbí fún ẹlòmíràn. Èyí tó yẹ yín lè má yẹ ẹni tó jókòó tì yín.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n wọn

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ara mi. Àkọ́kọ́, ìtọ́kasí náà pọ̀ tó mélòó? Èkejì, ṣé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún ní kí n yí i sí ìlànà mìíràn lẹ́yìn èyí, bíi kí wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí jọ́nà? Ẹ̀kẹta, kí ni yóò ná mi, pàápàá dátà, iná àti àkókò? Ẹ̀kẹrin, èyí tí àwọn èèyàn kì í bèèrè: ṣé ọ̀nà náà á fi ohun tó sọnù hàn mí, àbí yóò bò ó mọ́lẹ̀?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìkẹrin yìí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà gan-an. Ẹ wo mẹ́ta nínú ìtọ́kasí ọmọ náà, bí mo ṣe bá wọn:

```
1. Morton-Williams P. The Yoruba Ogboni cult in Oyo. Africa. 1960;30(4):362-74.
Johnson, Samuel. The History of the Yorubas. London: Routledge, 1921.
Robin Law (1977), The Oyo Empire c.1600-c.1836, Oxford: Clarendon Press.
```

Ẹ wá wo bí APA ẹ̀dà keje ṣe fẹ́ wọn:

```
Johnson, S. (1921). The history of the Yorubas. George Routledge & Sons.
Law, R. (1977). The Oyo Empire c. 1600–c. 1836: A West African
  imperialism in the era of the Atlantic slave trade. Clarendon Press.
Morton-Williams, P. (1960). The Yoruba Ogboni cult in Oyo.
  Africa, 30(4), 362–374.
```

Púpọ̀ nínú ìyípadà yìí jẹ́ títò lásán. Ọdún bọ́ sínú àkámọ́ lẹ́yìn orúkọ. `Samuel` di `S.` Lọ́ńdọ̀nù àti Ọ́sífọ́ọ̀dù kúrò, torí ẹ̀dà keje kò fẹ́ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé mọ́. Ẹ̀dà kẹfà ló ń bèèrè rẹ̀. Lẹ́tà ńlá inú àkọlé dín kù, ó ku ti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé kólọ́nì, àti ti orúkọ ènìyàn, ẹ̀yà tàbí ìlú. Lórí ìwé gan-an, àkọlé ìwé méjèèjì, orúkọ jọ́nà àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ 30 á wà ní lẹ́tà tó dagun, ṣùgbọ́n 4 inú àkámọ́ kò ní dagun.

Àwọn kan wà tí kì í ṣe títò. Orúkọ ilé atẹ̀wé Jọ́ńsìn kò pé nínú ìtọ́kasí àtijọ́. Ìdajì àkọlé ìwé Law ti sọnù. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè mú wọn jáde láti inú ohun tí a kọ. Àfi kí a padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ tí a bá ń bọ̀ láti `Vancouver`, ìyẹn ìlànà onínọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn fẹ́ràn. Ó ń gé orúkọ jọ́nà kúrú, ó ń gé nọ́ńbà ojú ewé, ó sì máa ń dúró lórí òǹkọ̀wé kẹfà kó tó fi `et al.` dí ìyókù. APA ẹ̀dà keje ń fẹ́ orúkọ gbogbo òǹkọ̀wé títí dé ogún. Tí òǹkọ̀wé bá jẹ́ mẹ́sàn-án, mẹ́ta ti sọnù nìyẹn, kò sì sí bí a ṣe lè tún àmì ìdánudúró ṣe tí wọ́n á fi padà wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan ọ̀nà kankan, ẹ bèèrè ibi tí ẹ ti ń bọ̀ àti ibi tí ẹ ń lọ. Láti ìlànà MLA, tó ń kọ orúkọ ní kíkún, sí APA, tó fẹ́ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kò sí wàhálà lórí orúkọ tí òǹkọ̀wé kò bá ju méjì lọ. Láti APA sí MLA, ẹ ó wá orúkọ kíkún kiri.

Ọ̀nà kìíní: kí a fi ọwọ́ tún un kọ

Kò ná yín ní nǹkan kan ju àkókò lọ, kò sì fẹ́ dátà rárá tí àwọn ìwé bá wà lọ́dọ̀ yín. Tí mo bá ní ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà mí. Ìtọ́kasí 15 jẹ́ iṣẹ́ wákàtí kan àti díẹ̀. 58 jẹ́ iṣẹ́ wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún, ojú á sì ti rẹ̀ yín kí ẹ tó dé ìdajì. Ibi tí ojú bá ti rẹni ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Àwọn tí ọ̀nà yìí ń dà láàmú máa ń bẹ̀rẹ̀ láti A, wọ́n á máa bọ̀ títí dé Z. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pín wọn sí irú: ìwé lápá kan, àpilẹ̀kọ inú jọ́nà lápá kejì, orí inú ìwé tí ẹlòmíràn ṣe olóòtú rẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí yunifásítì, ìwé ìròyìn. Ẹ kọ ìtọ́kasí kan ṣoṣo tó péye sókè irú kọ̀ọ̀kan, kó jẹ́ àwòṣe. Ẹ wá ṣe gbogbo ìwé tán kí ẹ tó fọwọ́ kan jọ́nà. Nígbà tí ìwé ogún bá tò tẹ̀ léra, èyí tó yàtọ̀ á máa fi ara rẹ̀ hàn.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi `Ctrl+F` wá ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù. Mo máa ń wá `Vol.`, `London:`, `Ibadan:`, `Retrieved from` àti `pp.` Ti ìkẹyìn yìí gba àkíyèsí: nínú APA, orí inú ìwé àkójọ ló ń lo `pp.`, àpilẹ̀kọ jọ́nà kì í lò ó. Tí gbogbo rẹ̀ bá mọ́ tán, ẹ yan gbogbo ìtọ́kasí, ẹ tẹ `Ctrl+T` nínú `Word` kí ìlà kejì lè wọ inú, kí ẹ sì lo `Sort` láti tò ó ní A sí Z. Ẹ wo ibi tí àwọn orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ, Ẹ tàbí Ṣ bọ́ sí, torí mo ti rí ètò kọ̀ǹpútà tó kó gbogbo wọn lọ sẹ́yìn Z.

Ìwà rere ọ̀nà yìí ni pé ojú yín á kan ohun gbogbo. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa rí i pé ọdún kò sí, tàbí pé Jọ́ńsìn fara hàn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọdún tó yàtọ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà. Ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọdún àtúntẹ̀ síbì kan, ó kọ 1921 síbòmíràn. APA ní kí a kọ ọdún ẹ̀dà tí a kà gan-an, kí a wá fi `(Original work published 1921)` sí ìparí. Nínú iṣẹ́, á di `(Johnson, 1921/...)` pẹ̀lú ọdún àtúntẹ̀ lẹ́yìn ìlà náà. Ọ̀rọ̀ ìtàn nìyí, ó ṣe pàtàkì: ọ̀gbẹ́ni náà kú ní 1901, ìwé rẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tó bá kọ ọdún àtúntẹ̀ nìkan ti sọ òkú di ẹni tó ń kọ̀wé ní ayé òde òní.

Àbùkù rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ní kí ẹ yí i sí ìlànà mìíràn lọ́la, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kejì: `References` tó wà nínú `Word`

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹ lọ sí `References`, ẹ tẹ `Manage Sources`, ẹ yan `New`, fọ́ọ̀mù á ṣí, ẹ ó kún orúkọ, ọdún, àkọlé àti ìyókù sí àyè wọn. Kò fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì ti wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè ka ìtọ́kasí tí ẹ ti tẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà fọ́ọ̀mù 58 ni ẹ ó fi ọwọ́ kún. Ẹ tún wo orúkọ ìlànà tó wà níbi `Style` dáadáa. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá bá mi, `APA Sixth Edition` ló wà níbẹ̀, àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ tilẹ̀ ń kọ `Fifth`. Tí ẹ bá lo ẹ̀dà kẹfà, Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn á padà sínú ìtọ́kasí, alábòójútó á sì dá iṣẹ́ padà fún yín. Tí ẹ bá máa jìyà kíkún fọ́ọ̀mù, ẹ kún un síbi tó dára ju èyí lọ.

Ọ̀nà kẹta: `Zotero`

Ètò ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2006 ló ti wà. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ó ń tọ́jú ìtọ́kasí ní wẹ́wẹ́: orúkọ òǹkọ̀wé ní àyè tirẹ̀, ọdún ní tirẹ̀, ojú ewé ní tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìlànà kankan tí ẹ bá bèèrè, ó kàn máa tún wọn tò ni. Ẹ ó lo dátà láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà àti láti fi wá ìwé, ṣùgbọ́n ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. 300 MB ni àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún fáìlì, ìtọ́kasí nìkan kò sì lè kún un.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a gbà kó ìtọ́kasí ọmọ náà wọlé. Èyí tó ní nọ́ńbà DOI, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `10.`, tàbí ISBN ní ẹ̀yìn ìwé, a tẹ nọ́ńbà náà sí `Add Item by Identifier`, ohun gbogbo wọlé fúnra rẹ̀. 21 ló bá ibẹ̀ wọlé. Àwọn tí kò ní nọ́ńbà, a da wọn kọ sí `anystyle.io`, tó máa ń gbìyànjú láti gé ìtọ́kasí sí wẹ́wẹ́, a sì gbé èsì rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bíi `BibTeX` wọ inú `Zotero`. 26 nìyẹn. 11 tó kù, púpọ̀ nínú wọn ìwé kékeré tí wọ́n tẹ̀ ní Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́, ọwọ́ la fi tẹ̀ wọ́n.

Mẹ́sàn-án nínú 26 yẹn ni ètò náà gé ní àgédànù, ibi tí ẹ sì gbọ́dọ̀ fi ojú sí nìyẹn. Orúkọ Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Tí ẹ bá rí "Ayọ̀délé Kọ́láwọlé" tí kò ní kọ́mà, èwo ni orúkọ ìdílé? Èyíkéyìí lè jẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà á gbà pé èyí tó wà lẹ́yìn ni, ó sì máa ń ṣì í, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú láì fi kọ́mà sí i. Ẹ wá iṣẹ́ mìíràn tí ẹni náà kọ, tàbí kí ẹ wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́ka sí i, kí ẹ tó pinnu. Orúkọ tó ní àmì ìsopọ̀ bíi `Morton-Williams` náà, ẹ rí i dájú pé orúkọ ìdílé kan ni wọ́n kà á sí, kí ó má di `Williams, P. M.`

Ohun kejì ni àkọlé. `Zotero` kì í sọ lẹ́tà ńlá di kékeré fúnra rẹ̀ fún APA. Bí ẹ bá ṣe kọ ọ́ sínú rẹ̀ ni yóò ṣe jáde. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí àyè àkọlé, ẹ yan `Transform Text`, kí ẹ wá yan `Sentence case`. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún un kà, torí ó lè sọ Ọ̀yọ́ àti Yorùbá di lẹ́tà kékeré pẹ̀lú àwọn ìyókù.

Àmì àìsàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Tí ẹ bá rí i nínú iṣẹ́ pé `(S. Johnson, 1921)` jáde dípò `(Johnson, 1921)`, ó túmọ̀ sí pé ètò náà gbà pé Jọ́ńsìn méjì ló wà: ẹ ti kọ `Samuel` síbì kan, ẹ kọ `S.` síbòmíràn. Ohun kan náà ló ń ṣe orúkọ Yorùbá tí ẹ fi àmì ohùn sí níbì kan tí ẹ kò fi sí níbòmíràn. Ẹ sọ wọ́n di ọ̀kan náà, lẹ́tà náà á kúrò.

Tí ohun gbogbo bá ti tọ́, ẹ yan ìtọ́kasí gbogbo, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ yan `Create Bibliography from Items`, ẹ mú APA ẹ̀dà keje, ẹ da á kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìparí iṣẹ́. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ so `Zotero` mọ́ `Word`, kí ìtọ́ka inú iṣẹ́ àti ti ẹ̀yìn máa bá ara wọn lọ. Ó dára fún iṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Fún ti ọmọ náà, mo ní kó má ṣe é, torí yóò ní láti pa gbogbo ìtọ́ka tó ti tẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tún wọn fi sí, Jímọ̀ sì ti ń bọ̀. Àkójọ ẹ̀yìn nìkan la mú jáde. A wá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, òun ń ka ìtọ́ka láti inú iṣẹ́, èmi ń fi bírò mààkì rẹ̀. Mẹ́rin wà nínú iṣẹ́ tí kò sí lẹ́yìn; mẹ́ta wà lẹ́yìn tí kò tọ́ka sí rárá.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé àti ìdajì ọjọ́ Àìkú ni gbogbo rẹ̀ gbà wá. Méje nínú ìtọ́kasí náà ló mú kó padà sí láíbìrì lọ wo ìwé fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin: kí a gbé e fún ẹni tó ń tẹ̀wé

Iye ojú ewé ni wọ́n fi ń ṣírò owó, ó sì yá. Onítẹ̀wé tó mọ APA dáadáa wà, mo mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló lè tò. Ìwé yín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ wá bá mi rí lẹ́yìn tó ti sanwó níbì kan. Ojú ewé rẹ̀ dùn ún wò, àmì gbogbo wà ní àyè wọn. Nígbà tí a wo ìwé mẹ́ta tí kò ní ọdún tẹ́lẹ̀, ọdún ti wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó bá ojú ewé ìwé náà mu. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fẹ́ kí ó pé ni, ó sì fi ohun tó rò dí i. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀nà tó bá ń bo ohun tó sọnù mọ́lẹ̀ ló burú jù. Tí ẹ bá máa lò ó, ẹ kọ́kọ́ fi `???` sí gbogbo ibi tó ṣófo, kí ẹ sọ fún onítẹ̀wé pé kó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe ìtọ́kasí fúnni lọ́kọ̀ọ̀kan wà ní irú ìsọ̀rí yìí. Wọ́n wúlò fún ìtọ́kasí méjì mẹ́ta tí ẹ gbàgbé, wọn kò wúlò fún 58.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tí ìtọ́kasí yín kò bá ju ogún lọ, tí ìwé wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ kò sì ní kọ iṣẹ́ mìíràn lórí rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣe é. Kò sí ohun tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kódà tí iná kò bá sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ lè fi bírò tún un ṣe lórí ìwé kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Tí ó bá ju ọgbọ̀n lọ, tàbí tí ẹ ń ṣe másítà tàbí PhD, tí ẹ ó gé orí kan nínú rẹ̀ lọ sí jọ́nà, `Zotero` ni, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ogún sí ọgbọ̀n, ẹ wo iye tó ní DOI tàbí ISBN. Tí ó bá ju ìdajì lọ, `Zotero` á yá yín. Tí púpọ̀ bá jẹ́ ìwé àtijọ́ ilé wa tí kò ní nọ́ńbà kankan, ọwọ́ ló máa parí rẹ̀ lọ́nàkọnà.

Onítẹ̀wé wà fún ẹni tí ìtọ́kasí rẹ̀ ti pé, tí àkókò kò sì sí fún un láti tò ó. Ti inú `Word`, mo fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní dátà rárá, tí ìlànà tí wọ́n bèèrè sì wà nínú ti kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ohun kan tó kù fún àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú bíi ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi: ọ̀rọ̀ tí ẹ bá àwọn àgbà sọ. Ó ti kó mẹ́fà nínú wọn sí àárín ìwé. Nínú APA, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan, tí kò sí níbi tí òǹkàwé ti lè lọ gbọ́ ọ, kì í wọ àkójọ ẹ̀yìn. Inú iṣẹ́ ni a ti ń kọ orúkọ, `personal communication` àti déètì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka mìíràn ń fẹ́ àkójọ ọ̀tọ̀ fún àwọn tí a fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo ní kó pe alábòójútó rẹ̀ kó tó yọ wọ́n. Ìyẹn ní kó kó wọn sí ojú ewé tiwọn lẹ́yìn ìwé ìtọ́kasí, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.